Dó díésì kan ṣoṣo ló dá júrì wa sí mẹ́ta: báwo lẹ ṣe ń fún ọmọ ní máàkì dùùrù?

Olùkọ́ Àjàṣẹ́ (Ọjọ́ Àìkú, 8:14 alẹ́)

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìsinmi o. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti àná, mo ní kí n gbé e wá síbí kí n tó fọwọ́ sí ìwé.

Mo ń kọ́ni ní dùùrù nílé ẹ̀kọ́ orin kékeré kan níhìn-ín. Àná la ṣe ìdánwò ìparí ọdún, àwa mẹ́ta la sì jókòó bíi júrì. Àpótí mẹ́rin ló wà lórí ìwé máàkì wa: ìpéye, ìtumọ̀, ọgbọ́n ọwọ́ àti òye orin. Márùn-ún márùn-ún ni, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ogún.

Àwọn ọmọbìnrin méjì ló ta orin kan náà, Mínúẹ̀ inú Sól tí gbogbo ayé ń pè ní ti Bach. Èyí àkọ́kọ́ kò ṣi ohùn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n bíi ká máa kan ìṣó mọ́ pákó ló rí létí mi, kán-kán-kán. Èkejì ṣi Dó díésì, ìyẹn Dó tí a gbé sókè díẹ̀, ní mẹ́súrù 20, ó ṣì í lẹ́ẹ̀mejèèjì tí ó dé ibẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ sì kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ìdajì kìíní. Síbẹ̀, orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í mì lọ́tùn-ún lósì láìmọ̀.

Ẹ wo máàkì: fún àkọ́kọ́, 18, 17 àti 12. Fún èkejì, 9, 14 àti 15. Èmi ni mo fún wọn ní 12 àti 15. Bí a bá pa á pọ̀ tí a pín in sí mẹ́ta, àkọ́kọ́ ní 15 àti díẹ̀, èkejì kò pé 13. Bàbá èkejì sì ti gbọ́ pé ẹnìkan nínú wa fún ọmọ òun ní 9. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Kọ́ráàlì (8:40 alẹ́)

Olùkọ́, ẹ má jẹ́ kí bàbá kankan dẹ́rù bà yín. Nígbà tí wọ́n ń dán àwa wò, ohùn kan tí o bá ṣì, máàkì kan lọ. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, kò sí àríyànjiyàn. Ẹni tó fún un ní 9 mọ ohun tó ń ṣe.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ti pé ẹ ń sọ̀rọ̀ ìṣó àti pákó: Bach kò kọ líle tàbí rírọ̀ sínú orin yẹn. Ẹ wo ìwé àtijọ́, kò sí àmì kankan níbẹ̀. Kí wá ni ẹ fẹ́ fi dá ọmọ tó ta gbogbo rẹ̀ bákan náà lẹ́bi? Ohun tí wọ́n kọ ló ta.

Ìyá Ìbejì Òwándò (9:02 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ lè gbà mí nímọ̀ràn lórí ti ọmọ tèmi náà? Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Bó bá ti ṣi ohùn kan báyìí, á dá a dúró, á tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Orin ìṣẹ́jú méjì, a lè lo ìdajì wákàtí lórí rẹ̀. Ṣé irú èyí ni ọmọ kejì yẹn ṣe?

Ìyá Dùùrù (9:55 alẹ́)

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́. Bàbá Kọ́ráàlì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta sà. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀, torí mo ti jókòó sórí àga júrì tó pọ̀, mo sì ti jókòó sórí àga ẹni tí wọ́n ń dán wò l'Ékòó.

Orin yẹn kì í ṣe ti Bach. Inú ìwé tí ìyàwó Bach, Anna Magdalena, bẹ̀rẹ̀ ní 1725 ló wà, wọn kò sì kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí i. Ìgbà tó di bíi 1970 sókè ni àwọn onímọ̀ rí i pé Christian Petzold ló ni ín, ẹni tó ń tẹ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ní Dresden. Ìyẹn kò yí máàkì padà. Àmọ́ ohun tí Bàbá sọ nípa àmì líle àti rírọ̀ yí i padà. Òótọ́ ni, kò sí wọn níbẹ̀. Ẹ rántí irú dùùrù tí wọ́n ní nígbà náà: ìyẹ́ ẹyẹ ló ń ta okùn rẹ̀. O tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́, o tẹ̀ ẹ́ gan-an, ohùn kan náà ni. Báwo ni wọ́n ṣe wá ń mú un sọ̀rọ̀? Bí ohùn kan ṣe gùn tó kí ìka tó kúrò lórí rẹ̀, ibi tí wọ́n ti so ohùn méjì pọ̀, ibi tí wọ́n ti jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé láàárín, bí wọ́n ṣe fi ẹsẹ̀ kìíní nínú mẹ́ta rinlẹ̀. Nítorí náà kò sí àmì lórí ìwé, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ wà.

Ti "ohùn kan, máàkì kan" ńkọ́? Ẹ kà á: orin yẹn ní mẹ́súrù 32, wọ́n sì ń ta ìdajì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Ohùn tí ọmọ ń tẹ̀ lé igba dáadáa. Ọmọ tó ṣi ogún nínú rẹ̀ yóò gba òdo, bó ti wù kí ìyókù dùn tó. Kò sí ilé ìdánwò tí mo mọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. ABRSM tí àwọn tiwa ń rékọjá lọ ṣe l'Ékòó, 30 ni orin kọ̀ọ̀kan, 20 ni ẹni tó yege gbọ́dọ̀ ní. Ibi 20 yẹn ni adájọ́ dúró sí, tí á máa wo ohun tó gbé ọmọ lọ sókè àti ohun tó fà á wálẹ̀. Ti Trinity sì jẹ́ 22: wọ́n fi 7 fún ìpéye àti ìṣàn orin, 7 fún ọwọ́, 8 fún ìtumọ̀ àti bí ó ṣe dé etí ẹni tó ń gbọ́. Ẹ rí i pé ìpéye kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta níbẹ̀.

Olùkọ́, ohun tí mo fura sí nìyí. Ẹ lọ wo ìwé ẹni tó fún un ní 9. Mo lè fi ẹgbẹ̀rún sẹ́fà ta á pé gbogbo àpótí mẹ́rin ló ti yọ máàkì nítorí Dó díésì kan ṣoṣo yẹn.

Kí n tó sọ̀rọ̀ síwájú, ẹ dá mi lóhùn: ṣé ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀? Dó díésì yòókù, ní mẹ́súrù 21 àti 23, ṣé ó tẹ̀ wọ́n? Ìwé wo ni ọmọ náà fi kọ́ ọ? Kíbọ́ọ̀dù wo ni wọ́n tẹ̀?

Ìyá Ìbejì, ti ọmọ yín yàtọ̀. Ẹni tó kọsẹ̀ tó ń lọ, ìpéye nìkan ló fi kọsẹ̀. Ẹni tó dúró tó padà sẹ́yìn ti já okùn orin. Ẹ bá a ṣe é báyìí: ẹ jẹ́ kó máa ta mẹ́súrù mẹ́rin péré, bó ṣì, kó máa lọ, ẹ̀yin ẹ máa pàtẹ́wọ́ fún un láìdúró.

Olùkọ́ Àjàṣẹ́ (Ọjọ́ Ajé, 7:20 òwúrọ̀)

Ìyá, ẹ ò bá jàre ta á, ẹ̀yin lẹ bá jẹ ẹgbẹ̀rún sẹ́fà yẹn. Ìpéye 2, ìtumọ̀ 2, ọgbọ́n ọwọ́ 2, òye orin 3. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí kọ̀ọ̀kan ni ẹnì kejì mi ti kọ "mẹ́s. 20".

Mo gba ohùn wọn sórí fóònù. Mo tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹta ní òru. Ní mẹ́súrù 20, Dó méjì ló wà níbẹ̀, ó tẹ méjèèjì láìsí díésì, nígbà àkọ́kọ́ àti nígbà àtúnta. Ní mẹ́súrù 21 ó tẹ díésì. Ní 23 ó tẹ̀ ẹ́. Èyí yà mí lẹ́nu.

Mo ní kí ó gbé ìwé rẹ̀ wá láàárọ̀ yìí kó tó lọ sílé ìwé. Fọ́tókọ́pì fọ́tókọ́pì ni. Ní mẹ́súrù 20, ojú ibi tí àmì díésì wà funfun báláú, ìnkì kò mú un. Èmi ni mo ṣe fọ́tókọ́pì náà.

Ìyá Dùùrù (7:48 òwúrọ̀)

Háà! Ọ̀ràn ti yanjú ní ìdajì.

Ẹ wò ó: bí ìka bá yọ̀, ó ṣọ̀wọ́n kí ibi tó ti yọ̀ nígbà kìíní náà ló tún ti máa yọ̀ nígbà kejì. Bó bá jẹ́ pé ibi kan náà ni, bákan náà, láìkọsẹ̀, ọmọ náà kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ni. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọwọ́ rárá, nítorí náà kò sí ohun tó kan àpótí ọgbọ́n ọwọ́.

Ẹ ó bi mí pé ṣé etí rẹ̀ kò sọ fún un ni? Kò lè sọ. Inú Sól la ti ń bọ̀, inú Sól kò sì sí Dó díésì. Mẹ́súrù 20 ni orin ti kọ́kọ́ yí ọ̀nà lọ sílé Ré. Dó lásán níbẹ̀ kò le létí, àfi ẹni tó bá ti gbọ́ ọ rí. Ní 21, tí ohùn ń gùn òkè láti Lá lọ sí Fá díésì, Dó lásán á ta etí. Ìdí nìyẹn tí ó fi tẹ̀ ẹ́ dáadáa níbẹ̀, ìwé sì tún kọ díésì náà síbẹ̀ torí pé àmì bẹ́ẹ̀ kì í kọjá mẹ́súrù tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Ẹ tẹ́tí sí òpin mẹ́súrù 24 lórí fóònù yín. Ọwọ́ òsì tẹ Dó lásán, ìyẹn ni ilẹ̀kùn tí a gbà padà sílé Sól. Kí ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe níbẹ̀?

Onígángan Ṣábẹ̀ẹ́ (12:31 ọ̀sán)

Ẹ kú ọ̀sán o. Èmi kò mọ dùùrù, ìlù ni mo mọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí.

Ẹ ń pín ìpéye àti òye sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bíi pé wọn kì í gbé inú ilé kan. Nínú gángan, bí ọmọ bá ní òun fẹ́ sọ "ọkọ̀" tí ó fún ọsán tí ohùn gòkè níparí, ó ti sọ "ọkọ́" nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ti gbé ọkọ́ lọ sóko. Èmi kò lè wá sọ pé ìpéye rẹ̀ kù díẹ̀ ṣùgbọ́n òye rẹ̀ pé. Kò sọ ohun tó fẹ́ sọ. Lọ́dọ̀ tiwa, òdo ni, kó padà lọ kọ́ ọ.

Bàbá Kọ́ráàlì (12:50 ọ̀sán)

Onígángan, ẹnu rẹ ni mo wà!

Ìyá Dùùrù (1:15 ọ̀sán)

Onígángan, òótọ́ lẹ sọ fún ìlù tó ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n dùùrù kì í fọ èdè. Bí Dó bá gba ipò Dó díésì, orin náà ṣì ń lọ síbi tó ń lọ, ó kàn gba ojú ọ̀nà mìíràn dé ibẹ̀ ni. Mo gbà pé àwọn ibì kan wà tí ohùn kan lè ba òye jẹ́ pátápátá: bí ọmọ bá parí orin inú Sól sórí Lá tí kò sì kíyè sí i, n ó yọ ọ́ nínú òye. Kì í ṣe gbogbo ohùn ló rù bákan náà.

Ọmọ Alákétu (3:05 ọ̀sán)

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i láti Kétu. Oníjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni bàbá mi àgbà. Kí wọ́n tó gba ọmọ láyè lójú agbo, wọ́n kì í wo bóyá ó mọ gbogbo ẹsẹ̀. Wọ́n ń wo bóyá irin ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bá ìlù parí ọ̀rọ̀ pọ̀. Ọmọ tó gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ láàárín àmọ́ tó bá ìyálù dákẹ́ lásìkò, wọ́n á hó fún un. Èyí tó mọ gbogbo ẹsẹ̀ tí kò mọ ibi tí gbólóhùn parí sí, wọ́n á ní kó lọ jókòó.

Mo lọ wo bí àwọn òyìnbó ṣe ń jó mínúẹ̀ yìí. Ìgbésẹ̀ wọn kan kì í parí sínú mẹ́súrù kan, mẹ́súrù méjì ló ń gbà, ìyẹn kíkà mẹ́fà. Nítorí náà ẹni tó tẹ mẹ́súrù kọ̀ọ̀kan ní kán-kán-kán bákan náà, oníjó á ṣubú. Olùkọ́, ọmọ àkọ́kọ́ yín ńkọ́, ṣé ẹ lè jó sí i?

Olùkọ́ Àjàṣẹ́ (6:30 ìrọ̀lẹ́)

Mi ò lè jó sí i, Ọmọ Alákétu. Mo gbìyànjú ní yàrá, ìyàwó mi fi mí rẹ́rìn-ín.

Ohun tí mo gbọ́ nìyí. Mẹ́súrù mẹ́jọ àkọ́kọ́ orin yìí dà bí ìbéèrè, ó dúró lórí Lá. Mẹ́jọ tó tẹ̀ lé e sì dáhùn, ó wálẹ̀ sórí Sól. Ọmọ àkọ́kọ́ dé orí Lá yẹn, ó ka iye rẹ̀ pé, ó gbéra lọ lójú ẹsẹ̀ bí ẹni tí ọlọ́kadà ń dúró dè. Èkejì gbé ìka rẹ̀ kúrò díẹ̀ kí ó tó bọ́ sí 9, ẹ ó gbọ́ èémí níbẹ̀. Ní òpin 24 tí Ìyá Dùùrù ní kí n gbọ́, ó di Dó ọwọ́ òsì yẹn mú, bóyá ìdá kékeré ìṣẹ́jú àáyá, kí ó tó wọlé padà. Èmi kò kọ́ ọ ní ìyẹn. Àkọ́kọ́ kọjá níbẹ̀ bíi pé kò sí nǹkan.

Fún ọgbọ́n ọwọ́, àkọ́kọ́ dára jù. Ìka rẹ̀ tẹ́jú, àtàǹpàkò rẹ̀ ń gba abẹ́ kọjá láìpariwo. Èkejì ń fi àtàǹpàkò gún ohùn, ẹ ó gbọ́ ọ bí ìró ẹsẹ̀ nínú ìlà tó ń gòkè.

Ẹlẹ́rọ Ìró (8:11 alẹ́)

Kò sí ẹni tó dáhùn ìbéèrè kíbọ́ọ̀dù. Ṣé èyí tó ní bọ́tìnì 61 ni? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ wo ojú rẹ̀ bóyá TOUCH wà ní OFF. Bó bá wà ní OFF, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́, ẹ fi ẹ̀ṣẹ́ lù ú, ìró kan náà ni. Mo ti rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì méjì tí wọ́n ń bú ọmọ pé kò mọ rírọ̀. Bí iná bá lọ tó sì padà, àwọn kan nínú wọn máa ń gbàgbé ohun tí a yàn, wọ́n á padà sí ti ilé iṣẹ́.

Olùkọ́ Àjàṣẹ́ (9:37 alẹ́)

Ẹlẹ́rọ, mo gun ọ̀kadà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní alẹ́ yìí nítorí yín. OFF ni. Bọ́tìnì 61 ni, iná sì lọ lẹ́ẹ̀mejì ní ọjọ́ ìdánwò náà.

Bàbá Kọ́ráàlì (9:45 alẹ́)

Ẹ rí i báyìí! Ọmọ àkọ́kọ́ kò jẹ̀bi. Ẹ dá máàkì ìtumọ̀ rẹ̀ padà fún un.

Ìyá Dùùrù (10:20 alẹ́)

Ẹ dá díẹ̀ padà, Bàbá, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Orí kíbọ́ọ̀dù kan náà ni èkejì jókòó sí. Líle àti rírọ̀ kò sí fún òun náà. Ó wá dà bí dùùrù oníyẹ́ tí mo sọ lánàá: pẹ̀lú gígùn ohùn àti èémí nìkan ló fi mú wa mi orí. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ kọ sórí ìwé ọmọ àkọ́kọ́ ni "kò fi líle àti rírọ̀ hàn". Ohun tí ẹ lè kọ ni "kò jẹ́ kí gbólóhùn mí".

Bó bá jẹ́ èmi: àkọ́kọ́, ìpéye 5, ọgbọ́n ọwọ́ 4, ìtumọ̀ 2, òye 2, ó jẹ́ 13. Èkejì, ìpéye 3, ọgbọ́n ọwọ́ 3, ìtumọ̀ 4, òye 4; ó jẹ́ 14. Wọ́n sún mọ́ra, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹni tó rí 18 àti 9 láàárín àwọn méjèèjì ń gbọ́ ohùn nìkan ni.

Bàbá Kọ́ráàlì (10:34 alẹ́)

Kí ló dé tí ẹ ṣì yọ 2 nínú ìpéye èkejì? Olùkọ́ ló ṣe fọ́tókọ́pì. Ọmọ ta ohun tó wà níwájú rẹ̀ gẹ́lẹ́! Kò yẹ kí a fi ìyà ẹlòmíràn jẹ ọmọ.

Ìyá Dùùrù (10:41 alẹ́)

Ọ̀kan fún Dó, ọ̀kan fún ọwọ́ òsì tó kọsẹ̀. Ti Dó, orin ni mo ń fún ní máàkì, kì í ṣe bébà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé ìwé tó ní àṣìṣe wọlé ìdánwò, orin náà kò yí padà. Mo mọ̀ pé kò dùn.

Ọmọ Alákétu (10:58 alẹ́)

Èmi á wà lẹ́yìn Bàbá lórí èyí. Ẹ fún un ní 4.

Onígángan Ṣábẹ̀ẹ́ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:12 òwúrọ̀)

Kí ló dé tí ẹ kò bi àwọn ọmọ? Lọ́dọ̀ wa a máa ń ní "bẹ̀rẹ̀ láti àárín". Ẹni tó mọ ohun tó ń sọ á bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ìka rẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n, á ní àfi kí òun lọ láti òkè.

Ìyá Dùùrù (6:50 òwúrọ̀)

Ìyẹn dára púpọ̀ nínú kíláàsì, èmi náà máa ń ṣe é: "bẹ̀rẹ̀ ní 17". Àmọ́ n kì í fi fún máàkì ọjọ́ ìdánwò. Ọmọ tójú ń tì lè mọ orin tinútinú kó má lè bẹ̀rẹ̀ ní 17 níwájú àgbàlagbà mẹ́ta. Òye tí kò bá sí nínú ohun tó ta, mi ò lè wá a lẹ́nu rẹ̀.

Onígángan Ṣábẹ̀ẹ́ (7:03 òwúrọ̀)

A kò gbà bẹ́ẹ̀ o, Ìyá. Àmọ́ ẹ kú iṣẹ́.

Olùkọ́ Àjàṣẹ́ (7:15 alẹ́)

A ti jókòó, àwa mẹ́ta. A gbọ́ fóònù pọ̀ láìwo ìwé máàkì àtijọ́, a sì fẹnu kò pé ẹni tó bá yọ máàkì gbọ́dọ̀ kọ àpótí kan ṣoṣo tí àṣìṣe náà jẹ́ tirẹ̀. Àkọ́kọ́ ní 14: a fi ọ̀kan kún ìtumọ̀ rẹ̀ nítorí TOUCH. Èkejì náà ní 14. Ìpéye rẹ̀ di 4, méjì sí ẹyọ kan la fi dìbò lórí fọ́tókọ́pì yẹn, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ kò lọ sí 4, 3 àti ààbọ̀ ló mọ. Òye rẹ̀ náà 3 àti ààbọ̀. Ẹnì kejì mi tó fún un ní 9 fọwọ́ sí i, ó sì ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò gbà gbọ́ nínú àpótí òye orin rárá, pé ìtumọ̀ ló tún orúkọ jẹ́.

Èyí tó kàn ni pé ọmọ mẹ́fà mìíràn ló tẹ kíbọ́ọ̀dù yẹn lọ́jọ́ náà. Ìyá Dùùrù, ṣé kí a tún tiwọn gbọ́ náà? Mẹ́rin nínú wọn ni mo gba ohùn wọn.

Ìyá Dùùrù (7:32 alẹ́)

Ẹ tún àwọn mẹ́rin gbọ́. Àwọn méjì yòókù, ẹ pè wọ́n padà wá ta orin wọn, kí ẹ sì tẹ Sól kan pẹ̀lẹ́ àti gan-an kí wọ́n tó jókòó.

Ìyá Ìbejì Òwándò (8:04 alẹ́)

Ìyá, mo pàtẹ́wọ́ fún un lónìí. Ó sunkún ní mẹ́súrù kẹta, ṣùgbọ́n kò padà sí òkè.